Okùn USB ń ṣáàjì fóònù, àmọ́ láptọ́ọ̀pù ò rí fóònù náà rárá

Ayàwòrán Alágbàkà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Okùn USB kan tí mo rà lẹ́bàá Ọjà Ọba ń ṣáàjì fóònù mi dáadáa, kì í tiẹ̀ pẹ́ kó tó kún. Àmọ́ bí mo bá fi so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, iná nìkan ló ń wọlé, láptọ́ọ̀pù ò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Fídíò ìgbéyàwó tó tó gígábáìtì 24 wà lórí fóònù náà, mo sì fẹ́ kó o sórí láptọ́ọ̀pù kí n lè gé e. Ẹnu Táípù-C ni fóònù ní, ẹnu fífẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ló wọ láptọ́ọ̀pù. Kí ló ń fà á?

Ọmọ FUTA

Ẹ̀gbọ́n, okùn USB 2.0 lẹ rà. 2.0 ti di ogbó, iná ṣáájì ló kù tó ń gbé. Ẹ lọ ra 3.0, èyí tí inú ẹnu rẹ̀ jẹ́ búlúù, fáìlì á máa kọjá wàrà-wàrà. Kẹ́ ẹ sì rí i pé Táípù-C ni, torí Táípù-C yá ju máíkírò lọ.

Atúnfóònù Arákalẹ̀

Ọmọ FUTA, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tó o sọ. 3.0 yá ju 2.0 lọ, búlúù sì ni wọ́n sábà máa ń fi sí inú ẹnu rẹ̀. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló dí ẹ̀gbọ́n wa lọ́wọ́. Ọdún 2000 ni USB 2.0 jáde, fáìlì ló sì ń gbé láti ìgbà náà. Bí okùn bá jẹ́ 2.0 tó pé, fóònù máa yọ lórí láptọ́ọ̀pù. Ó lè má yára, àmọ́ á yọ.

Ohun tí mò ń rí lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà ni pé wọ́n ń fi ìrísí ẹnu okùn mọ iṣẹ́ tó lè ṣe. Táípù-C, máíkírò, ẹnu fífẹ̀, ìrísí ni gbogbo ìyẹn. 2.0 àti 3.0 ń sọ bí ẹ̀rọ méjì ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ àti bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yára tó. Wáyà tó wà nínú okùn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹnikẹ́ni ò sì lè rí i láti ìta. Okùn Táípù-C tí wáyà méjì péré wà nínú rẹ̀ pọ̀ nígboro Àkúrẹ́ yìí.

Ayàwòrán, kẹ́ ẹ tó náwó kún owó, ẹ so okùn náà mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí fóònù kúrò ní títì, kẹ́ ẹ wá fi ìka fa ojú rẹ̀ wálẹ̀ láti òkè. Ṣé ìkéde kan wà níbẹ̀ tó ní `Charging this device via USB`? Tó bá wà, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ mú `File transfer`. Láti ìgbà Android 6 tó jáde lọ́dún 2015, fóònù kì í ṣí fáìlì fún kọ̀ǹpútà àfi tí ẹni tó ni ín bá fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà, okùn yín ò ṣẹ̀. Tí ìkéde yẹn ò bá yọ rárá, ẹ padà wá sọ fún wa.

Ìyá Ìbejì Oǹdó

Ohun tó ń ṣe mí gan-an nìyí. Dátà mi ò kọjá láti inú fóònù sí láptọ́ọ̀pù ọmọ mi. Dátà ṣì wà nílẹ̀, mo sì ń lò ó lórí fóònù, àmọ́ tí mo bá dé ibi `USB tethering`, ojú ibẹ̀ á ṣú, kò ní ṣeé tẹ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dínà rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá dátà yín ti tán, Ayàwòrán.

Ọmọ FUTA

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kì í ṣe dátà íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sọ mà, fídíò tó wà lórí fóònù ni wọ́n fẹ́ kó.

Atúnfóònù Arákalẹ̀

Lóòótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ Màmá wúlò fún wa gan-an. Ibi `USB tethering` yẹn kì í ṣí àfi tí fóònù bá mọ̀ pé kọ̀ǹpútà wà lódìkejì okùn. Tí iná bá ń wọlé tí ibẹ̀ ṣì ṣú, a jẹ́ pé fóònù ò gbọ́ ohùn kọ̀ǹpútà kankan. Màmá, ẹ má pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Ẹ yá okùn mìíràn lọ́wọ́ aládùúgbò, kẹ́ ẹ tún dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa ṣí.

Ayàwòrán Alágbàkà

Mo ti wò ó. Ìkéde kankan ò yọ. Fóònù kàn kọ `Charging`, kò mẹ́nu kan USB. Ibi tí Màmá sọ náà ṣú. Ohun tí kò yé mi ni pé okùn yìí ń ṣáàjì kíákíá lára ògiri. Tó bá jẹ́ pé nǹkan kan ò sí nínú rẹ̀, báwo ló ṣe wá ń gbáná tó bẹ́ẹ̀?

Atúnfóònù Arákalẹ̀

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Nínú okùn USB 2.0 tó pé, wáyà mẹ́rin ló wà: pupa, dúdú, àwọ̀ ewé àti funfun. Pupa ló ń gbé iná fóòtì 5 bọ̀, dúdú ló ń dá a padà. Àwọ̀ ewé àti funfun ni kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Okùn tí ń gbé iná nìkan, pupa àti dúdú ló ní. Iná ò nílò àwọn méjì yòókù láti kọjá, ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń ṣáàjì tí láptọ́ọ̀pù ò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ní ti kíákíá tó ń ṣáàjì: bí a bá ti ki okùn bọ fóònù, ó máa ń kọ́kọ́ tọ́ ojú wáyà ọ̀rọ̀ méjèèjì wò. Tó bá rí i pé wọ́n so pọ̀ mọ́ra, ó gbà pé ṣájà ògiri ni, ó lè fa tó áǹpù 1.5. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á máa ṣọ́ra, ó lè má kọjá ìdajì áǹpù, torí pé ohun tí ihò USB 2.0 lára kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ gbé kò ju ìyẹn lọ. Àwọn tó ń ṣe okùn iná-nìkan mọ èyí, wọ́n a so ojú méjèèjì pọ̀ níbi ẹnu tó wọ fóònù. Fóònù á rò pé ògiri ni òun wà, kódà nígbà tó bá wà lára láptọ́ọ̀pù. Nítorí náà, kíákíá tí okùn ń ṣáàjì ò sọ nǹkan kan fún wa nípa fáìlì.

Ẹ gbé ẹnu fífẹ̀ yẹn sí ojú iná. Ẹ máa rí ahọ́n rọ́bà kan, pẹ̀lú ìlà irin tó ń dán lórí rẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ mẹ́rin. Ẹ wò ó dáadáa: méjì tó wà létí gùn ju méjì àárín lọ, kí iná lè kọ́kọ́ kan ara kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú okùn iná-nìkan mìíràn, méjì àárín ò sí níbẹ̀ rárá. Tí wọn ò bá sí, ọ̀rọ̀ ti parí. Tí wọ́n bá wà, kò tíì dá wa lójú, torí wọ́n lè fi irin síbẹ̀ kí wọ́n má so wáyà mọ́ ọn.

Ayàwòrán Alágbàkà

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Ẹni tó tà á fún mi ṣáà ní orígínà ni. Ṣé ẹ lè bá mi ṣí i, kẹ́ ẹ so wáyà tó kù mọ́ ọn?

Atúnfóònù Arákalẹ̀

Kò sí nǹkan tí a fẹ́ so. Mo ti gé irú rẹ̀ fún oníbàárà kan kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tí mo bó rọ́bà òde kúrò, wáyà pupa àti dúdú tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, òwú funfun ni wọ́n fi dí ìyókù kí okùn lè nípọn lọ́wọ́. Kò sí àwọ̀ ewé, kò sí funfun, kò sí bébà fàdákà tí wọ́n máa ń fi wé wáyà ọ̀rọ̀.

Tó bá jẹ́ okùn tó ti ń kó fáìlì tẹ́lẹ̀ tó wá ṣíwọ́, ìyẹn yàtọ̀. Wáyà ọ̀rọ̀ sábà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti iná lọ, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ já níbi ọrùn okùn, níbi tí a ti ń ká a mọ́ fóònù lórí ibùsùn. Mítà máa ń fi ìyẹn hàn mí. Àmọ́ okùn tí kò kó fáìlì rí láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á, ẹ fi í sílẹ̀ fún ṣáájì.

Ibi tí irú wọn ti ń wá: kílípà, fáànù àgbékọ́, tọ́ọ̀ṣì, páwà báǹkì. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ò ní ọ̀rọ̀ kankan bá kọ̀ǹpútà sọ, ẹni tó ṣe wọ́n ò sì rí ìdí láti fi bàbà wáyà méjì ṣòfò. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tó burú ni kí ẹni tó ń tà á kó wọn pọ̀ mọ́ ti fóònù nínú apẹ̀rẹ̀ kan, kó sì máa pe gbogbo wọn lórúkọ kan náà.

Onígbàjámọ̀ Oǹdó

Ẹ̀yin ọ̀gá, níbi tẹ́ ẹ ti dárúkọ kílípà yẹn, ẹ bá mi dá sí tèmi. Kílípà mi ní ẹnu Táípù-C. Okùn tó bá a wá, tó ní ẹnu fífẹ̀ lódìkejì, ń ṣáàjì rẹ̀. Mo wá ra ṣájà tuntun, wáàtì 45, tí okùn rẹ̀ jẹ́ Táípù-C lójú méjèèjì. Fóònù mi ń gbáná lára rẹ̀, kílípà ò gba nǹkan kan. Ṣé ṣájà náà ló lágbára jù fún un?

Atúnfóònù Arákalẹ̀

Rárá o, kò lágbára jù. Ṣájà tó ní ẹnu fífẹ̀ máa ń gbé fóòtì 5 síta nígbà gbogbo, bóyá nǹkan wà lára rẹ̀ tàbí kò sí. Ẹnu Táípù-C lára ṣájà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ní gbé iná jáde àfi tó bá fọwọ́ kan rẹsítọ̀ kékeré kan, kíló-óòmù 5.1, nínú ẹ̀rọ tí a fẹ́ ṣáàjì. Ẹni tó ṣe kílípà yín ló yọ rẹsítọ̀ yẹn kúrò láti dín ìnáwó kù. Ó fi ìrísí Táípù-C sí i, kò fi ohun tó yẹ kó bá a rìn sí i. Ẹ máa lo okùn tó bá a wá lára ṣájà ẹnu fífẹ̀. Mo ti lẹ rẹsítọ̀ yẹn mọ́ fáànù kan rí, ó sì ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò ní ṣèlérí lórí kílípà láìtíì rí inú rẹ̀.

Ọmọ FUTA

Ẹ ṣé, ọ̀gá. Linux ni mò ń lò, mo sì fẹ́ fi ọ̀nà kan kún un. Kí ẹ tó so fóònù mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tẹ èyí, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ so ó, kẹ́ ẹ tún un tẹ̀:

```
lsusb
lsusb -t
```

Tí ìlà tuntun kankan ò bá yọ, ọ̀rọ̀ kankan ò gba inú okùn kọjá. Tó bá yọ, `lsusb -t` á sọ ìyára rẹ̀: `480M` túmọ̀ sí pé 2.0 ni wọ́n ń sọ, `5000M` jẹ́ ti 3.0. Mo wá dán an wò pẹ̀lú iPhone 15 ẹ̀gbọ́n mi àti okùn tó bá a wá nínú páálí. Táípù-C ni lójú méjèèjì, ó nípọn, ó rẹwà. `480M` ni mo rí! Ṣé láptọ́ọ̀pù mi ló ní ìṣòro ni?

Atúnfóònù Arákalẹ̀

Láptọ́ọ̀pù rẹ ò ní ìṣòro. iPhone 15 lásán, èyí tí kì í ṣe Pro, ìyára 2.0 ló ní, okùn inú páálí rẹ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n gbé ìrísí Táípù-C jáde. Ojú irin 24 ló wà nínú ihò rẹ̀, àmọ́ kò sí òfin tó ní kí okùn so gbogbo wọn. 3.0 nílò wáyà ọ̀rọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé àti funfun, èyí sì ń jẹ́ kí okùn nípọn, kó le, kó sì wọ́n. Nítorí ìyẹn ni ọ̀pọ̀ okùn tó ń bá fóònù wá fi jẹ́ 2.0 tí wọ́n wọ̀ ní aṣọ tuntun.

Ayàwòrán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta okùn 3.0 olówó gọbọi fún yín nítorí fídíò yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mẹ́gábíìtì 480 jẹ́ mẹ́gábáìtì 60 ní ìṣẹ́jú àáyá lórí ìwé, àmọ́ níṣẹ́ gan-an, nǹkan bíi 35 ni mo máa ń rí. Gígábáìtì 24 jẹ́ mẹ́gábáìtì 24,000. Pín in sí 35, ó sún mọ́ ìṣẹ́jú àáyá 690, ìyẹn ìṣẹ́jú 11 sí 12. Ẹ lè fi se núdù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yá jùyẹn lọ, fóònù, okùn àti ihò láptọ́ọ̀pù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ jẹ́ 3.0. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 2.0, gbogbo rẹ̀ á padà sí 2.0.

Tẹ́ ẹ bá lọ rà á, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù dání. Kó yọ lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ayàwòrán Alágbàkà

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dán mélòó kan wò níbẹ̀, ọ̀kan yọ, láptọ́ọ̀pù dún, `File transfer` jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àmọ́ nígbà tí mo délé, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀. Tí mo bá ki ẹnu okùn bọ fóònù báyìí, fáìlì yọ. Tí mo bá yí i po, iná nìkan ló ń wọlé. Ṣé wọn ò ní kò sí òkè àti ìsàlẹ̀ nínú Táípù-C ni?

Atúnfóònù Arákalẹ̀

Okùn yìí dáa. Ihò fóònù yín ló dọ̀tí, tàbí kó jẹ́ pé ojú irin kan nínú rẹ̀ ti tẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Iná máa ń gba ojú irin mẹ́rin wọlé, ó sì máa ń gba mẹ́rin mìíràn padà. Bí ìdọ̀tí bá bo ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn, àwọn yòókù á ṣì gbé e. Ọ̀rọ̀ 2.0 ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú ẹnu okùn ni irin rẹ̀ wà, méjì péré. Nínú ihò fóònù, wọ́n fi irin ọ̀rọ̀ sí òkè àti ìsàlẹ̀, kó lè bá okùn pàdé bó ti wù kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́. Tí ìdọ̀tí bá bo ti òkè, ọ̀rọ̀ á bọ́ tí okùn bá kọjú sókè, kò ní bọ́ tó bá kọjú sísàlẹ̀.

Ẹ pa fóònù. Ẹ fi igi ìtayín tó gbẹ tọ́ ìsàlẹ̀ ihò náà jẹ́jẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀, kì í ṣe lórí ahọ́n àárín. Ẹ má lo abẹ́rẹ́, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, torí itọ́ á wọ̀ ọ́.

Ayàwòrán Alágbàkà

Èéhù àpò ṣòkòtò ló jáde, ó ti di kókó bí òwú. Méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mẹ́gábáìtì 33 ní ìṣẹ́jú àáyá ló ń kọ, fídíò ti ń wọlé.

Ìyá Ìbejì Oǹdó

Ọmọ aládùúgbò mi yá mi ní okùn. `USB tethering` ti ṣí! Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ yín.

Onísítúdíò Ìjàpọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Háàdì òde kan wà lọ́wọ́ mi tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tó pín sí méjì bíi ìlẹ̀kùn ńlá àti kékeré. Okùn rẹ̀ sọnù. Mo wá rí i pé okùn máíkírò lásán wọ apá tó tóbi, mo sì ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń falẹ̀, tí mo bá sì ń kó fáìlì ńlá, á dún kọ́-kọ́, á já kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

Atúnfóònù Arákalẹ̀

Ìrísí yẹn ni máíkírò ti 3.0. Apá tó tóbi jẹ́ ti 2.0, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí okùn àtijọ́ lè wọ̀ ọ́. Apá kékeré ni àwọn wáyà 3.0 tó kù wà. Nítorí náà ìfalẹ̀ rẹ̀ ti yé mi. Ní ti jíjá, iná ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ihò 2.0 gbọ́dọ̀ gbé ìdajì áǹpù, ihò 3.0 gbọ́dọ̀ gbé 0.9. Háàdì tó ń yí nínú lè má rí iná tó láti inú okùn máíkírò tẹ́ẹ́rẹ́, pàápàá nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lórí rẹ̀.

Ọmọ FUTA

Ọ̀gá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ kọ́-kọ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Háàdì tó ń kú náà máa ń dún bẹ́ẹ̀. Onísítúdíò, ẹ kọ́kọ́ da ohun tó ṣe pàtàkì jù sórí ibòmíràn, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tó dán nǹkan kan wò.

Atúnfóònù Arákalẹ̀

Mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí kíkó o kúrò. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá okùn tí ẹnu rẹ̀ pín sí méjì, kẹ́ ẹ fi í sí ihò búlúù. Tí ariwo náà bá dáwọ́ dúró, iná ni. Tó bá ń bá a lọ, háàdì ni.

Onísítúdíò Ìjàpọ̀

Mo ti kó àwọn fáìlì oníbàárà kúrò. Mo rí okùn náà yá lónìí. Ó ti yára gan-an, kò sì já mọ́ látìgbà tí mo ti so ó. Àmọ́ mo gbọ́ kọ́-kọ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì mọ èwo nínú yín ló jàre.